Owó Èrò Ọjà àti Owó Olójú

Ọdún mẹ́ta ni mo fi kọ iye bọ́ọ̀lù sára pátákó ní Treichville ní Abidjan, ní ilé kan tó wà lẹ́yìn ọjà ńlá. Iṣẹ́ olùkọ́ ni iṣẹ́ mi gan-an. Mo ń kọ́ àwọn ọmọ wa ní ilé-ẹ̀kọ́ kékeré kan tí àwọn ará Ṣakí àti Ìgbòho dá sílẹ̀, kí àwọn ọmọ tí a bí sí Abidjan má baà gbàgbé bí a ti ń kọ orúkọ baba wọn. Ìkọ̀wé mi ló gbé mi dé ilé tẹ́tẹ́. Ọ̀gá ilé náà, ará Ṣakí kan tó ti ta aṣọ nínú ọjà fún ọ̀pọ̀ ọdún kó tó bẹ̀rẹ̀ sí í gba tẹ́tẹ́ bọ́ọ̀lù, rí àkọlé tí mo kọ sí ẹnu ọ̀nà ilé-ẹ̀kọ́, ó sì wọlé tọ̀ mí wá.

Ó ní, "Tíṣà, ẹ wá bá mi kọ nọ́ńbà. Ẹni tó ń kọ ọ́ fún mi, ọ̀kan rẹ̀ dà bí méje, méje rẹ̀ dà bí ọ̀kan. Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń fà mí láṣọ."

Mo sọ fún un pé èmi kì í ta tẹ́tẹ́. Ó ní ohun tí òun ń wá gan-an nìyẹn.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé díẹ̀, nítorí kì í ṣe gbogbo ènìyàn ló ti dúró níwájú irú pátákó bẹ́ẹ̀ rí. Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé, ọ̀gá á fún mi ní iye ìbẹ̀rẹ̀ fún ìdíje kọ̀ọ̀kan tí wọn yóò gbá ní Sátidé. Nọ́ńbà mẹ́ta ni: èkíní fún onílé bí ó bá borí, ìkejì fún ọ̀mì, ìkẹta fún àlejò bí ó bá borí. Bí a bá kọ 4,00 fún àlejò, tí ẹnìkan sì fi ẹgbẹ̀rún fráǹkì sí i, tí àlejò borí, ẹgbẹ̀rún mẹ́rin ni yóò gbà, ẹgbẹ̀rún tirẹ̀ wà nínú rẹ̀. Bí ọ̀sẹ̀ bá ṣe ń lọ, iye náà ń lọ sókè, ó ń lọ sílẹ̀. Iye tó bá lọ sílẹ̀, à ń sọ pé a ti ń bẹ̀rù apá ibẹ̀ nìyẹn. Iye tó bá wà lára pátákó nígbà tí o ra tíkẹ́ẹ̀tì ni tìrẹ, ohunkóhun tí ì báà ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn náà. Iye tó wà níbẹ̀ nígbà tí fèrè ìbẹ̀rẹ̀ bá dún ni iye ìparí.

Ọ̀gá ló kọ́ mi pé oríṣi owó méjì ló ń ti iye. Ó ń pe ọ̀kan ní owó èrò ọjà, ó ń pe èkejì ní owó olójú, ìyẹn owó tó ń ríran.

"Ẹ má ka tíkẹ́ẹ̀tì, Tíṣà," ó máa ń wí. "Ọgọ́ta ènìyàn lè ra tíkẹ́ẹ̀tì sórí onílé, kí ẹnìkan ṣoṣo ra ti àlejò, kó jẹ́ pé ẹnìkan yẹn ni yóò gba oorun lójú wa."

Ó tọ̀nà. Owó èrò ọjà ń wọlé wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, igba fráǹkì, ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Ó ń pọ̀ sí i bí Sátidé bá ti ń súnmọ́ tòsí, pàápàá ní òpin oṣù. Orí ẹgbẹ́ tí gbogbo ayé fẹ́ràn ló ń lọ. Àwọn tó ni ín kì í béèrè iye, orúkọ ẹgbẹ́ ni wọ́n ń dá, "Fún mi ní tiwa!" Bí wọ́n bá pọ̀ jù, a ó bu iye tiwọn kù díẹ̀, a ó fi kún ti apá kejì kí ẹlòmíràn lè gba ibẹ̀, ṣùgbọ́n kí ó tó di ìparí, iye náà sábà máa ń padà síbi tó ti wá. Owó olójú kì í pọ̀ lójú. Tíkẹ́ẹ̀tì kan, méjì, tó wúwo. Ẹni tó ni ín á kọ́kọ́ wo nọ́ńbà kí ó tó wo orúkọ, kò sì kan án bóyá ẹgbẹ́ náà wọ àwọ̀ ewé tàbí ó wọ pupa. Bí irú owó yẹn bá ti iye lọ síbì kan, iye náà kì í padà mọ́. Ibẹ̀ náà ni yóò wà títí fèrè yóò fi dún, nígbà mìíràn á tilẹ̀ tún tẹ̀ síwájú.

Mo ní ìwé àjákọ kan. Olùkọ́ ni mí, mi ò lè ṣe iṣẹ́ láìní ìwé. Mo ń kọ iye ìbẹ̀rẹ̀ síbẹ̀, mo ń kọ ìgbà kọ̀ọ̀kan tí a yí i padà àti ìdí rẹ̀, mo sì ń kọ iye ìparí. Mo ń fi lẹ́tà kan ṣàmì sí etí ìlà: È fún èrò ọjà, O fún olójú. Bí oníbàárà kan bá ra tíkẹ́ẹ̀tì tó wúwo, mo ń kọ wákàtí rẹ̀ pẹ̀lú.

Ètò kan tún wà tó jẹ́ tèmi. Kí n tó dé, ìgbàkígbà tó bá wù ọ̀gá ló ń yí iye padà. Oníbàárà á ní 2,10 ni òun rí kí òun tó kì owó bọ àpò, akọ̀wé á ní 2,00 ni, ariwo á sọ. Mo bẹ ọ̀gá pé kí a máa yí i padà ní ẹ̀ẹ̀mejì péré lóòjọ́, ní ààgo méjìlá ọ̀sán àti ààgo mẹ́fà ìrọ̀lẹ́, kí gbogbo ènìyàn mọ̀. Ààgo méjìlá bá ìsinmi ilé-ẹ̀kọ́ mi mu, ààgo mẹ́fà bá ìparí iṣẹ́ mi mu. Láti ìgbà yẹn, ìjà dópin. Inú mi dùn sí ètò náà gan-an. Mo tilẹ̀ kọ wákàtí méjèèjì sí orí pátákó lédè Faransé pẹ̀lú ẹfun pupa: MIDI, 18 H.

Obìnrin kan ló ń gba owó ní fèrèsé. Ará Kétu ni àwọn òbí rẹ̀, Abidjan ni wọ́n bí i sí, ọkọ rẹ̀ ti kú. Màdáàmù ni àwọn oníbàárà ń pè é. Èmi ń pè é ní Arábìnrin, nítorí ìjọ kan náà ni à ń lọ, òun sì ni akápò ẹgbẹ́ àwọn obìnrin níbẹ̀. Tí ó bá ń ka owó, Faransé ló fi ń kà á. Tí ó bá ń bínú, Yorùbá. Kò tíì ṣìṣe lórí owó rí lójú mi.

Ní àárọ̀, bí ààgo mẹ́wàá bá ti ń lù, ọ̀gá á lọ gba ìpè tẹlifóònù nílé ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan. Ẹnìkejì rẹ̀ tó ń ṣe irú iṣẹ́ kan náà ní Adjamé, lódìkejì afárá, á sọ fún un bí owó ṣe ń wọlé lọ́dọ̀ tirẹ̀. Ọ̀gá á ronú, á kọ iye tuntun sórí bébà kékeré kan, á fi rán sí Màdáàmù, Màdáàmù á fi í sínú àpótí tábìlì rẹ̀ títí èmi yóò fi dé ní ààgo méjìlá. Bí a ti ń ṣe é nìyẹn.

Ní ọjọ́ Wẹ́sìdé kan, ọ̀gá pè mí sẹ́yìn aṣọ títa tó pín iyàrá náà sí méjì. Ojú rẹ̀ ti yí padà.

"Tíṣà, ẹnìkan ń tú àṣírí wa."

"Àṣírí wo, Bàbá?"

"Bébà àárọ̀. Ẹ mọ ọkùnrin aláṣọ búlúù tó ń ṣiṣẹ́ ní Yopougon?"

Mo mọ̀ ọ́n. Òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ kan ni ní ibi tí àwọn ilé iṣẹ́ pọ̀ sí ní Yopougon. Òru ni wọ́n fi ń ṣiṣẹ́ tirẹ̀. Kì í wá lójoojúmọ́, ṣùgbọ́n bí ó bá wá, nǹkan bí ààgo mọ́kànlá ni, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀, ojú rẹ̀ pupa fún àìsùn. Tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ ń wúwo.

Ọ̀gá ní, "Ó gba 3,10 ní ààgo mọ́kànlá. Ní ààgo méjìlá, a bu ú sí 2,70. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, bákan náà. Lọ́sẹ̀ tó ṣáájú ìyẹn, bákan náà. Wákàtí kan péré kí a tó yí i! Ta ló ń sọ fún un? Bébà náà, ọwọ́ èmi àti ọwọ́ ta ló wà?"

Kò dárúkọ rẹ̀. Aṣọ títa lásán ló wà láàárín àwa àti fèrèsé, mo sì mọ̀ pé Arábìnrin ń gbọ́.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀."

"Mo ti fara balẹ̀. Mo ti lọ rí ìyá tó jẹ́ olórí àwọn obìnrin ní ìjọ yín lánàá. Mo sọ fún un pé kí wọ́n ṣọ́ ẹni tí wọ́n fi ṣe akápò. Ó ní ní ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn, àwọn á jókòó lé e lórí. Èmi náà á dúró títí Sátidé nítorí owó ọ̀sẹ̀. Lẹ́yìn náà, kó máa lọ."

Nígbà tí mo jáde, Arábìnrin ń ka owó fún oníbàárà kan. "Deux mille cinq, deux mille sept..." Ó kà á tán, ó fún un. Lẹ́yìn náà ló kọjú sí mi.

"Tíṣà, ẹ̀yin náà gbà bẹ́ẹ̀?"

"Mi ò tíì gba nǹkan kan."

"Ṣùgbọ́n ẹ ò sọ pé rárá."

Bí ìjọ bá gba àpótí ẹgbẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ọjọ́ Àìkú, láàárín ọ̀sẹ̀ kan, gbogbo ará Kétu, gbogbo ará Ṣakí, láti Treichville dé Marcory, ni yóò mọ̀ pé wọ́n lé e nídìí owó. Ta ni yóò tún fi fèrèsé lé e lọ́wọ́? Opó ni, iṣẹ́ yẹn nìkan ló ní.

Ní àṣálẹ́ ọjọ́ Wẹ́sìdé yẹn àti ní ọ̀sán Ọjọ́bọ̀, mo tú ìwé àjákọ mi láti orí ojú ewé kìíní. Ohun tí mo ń wá rọrùn. Bí obìnrin yìí bá ń fi bébà han ọkùnrin náà, ọkùnrin náà mọ gbogbo ohun tí ààgo méjìlá ń bọ̀ wá ṣe. Kò ní mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kan, kó má mọ̀ ọ́n ní ọjọ́ kejì. Nítorí náà, mo kọ gbogbo ìyípadà ọ̀sán sílẹ̀, mo wo àmì etí rẹ̀, mo sì fi tíkẹ́ẹ̀tì aláṣọ búlúù sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àwọn ọjọ́ tí àmì O wà, ìyẹn ọjọ́ tí ìròyìn owó olójú wá láti Adjamé, lóòótọ́ ni ó máa ń ṣáájú wa. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo kà. Iye ìparí nínú méjèèje tún kéré sí iye ọ̀sán, èyí tó fi hàn pé kì í ṣe pé ó mọ ọkàn ọ̀gá nìkan. Ohun tó ń tọ̀ lẹ́yìn jinlẹ̀ ju ọ̀gá lọ.

Àwọn ọjọ́ tí àmì È wà ló mú mi jókòó dáadáa. Ìyẹn àwọn ọjọ́ tí ọ̀gá kàn ń bu iye kù nítorí pé èrò ọjà ti rọ́ sórí ẹgbẹ́ ìlú. Ọkùnrin náà kò tẹ̀ lé èrò ọjà rí. Òdìkejì ló máa ń gbà. Ẹ̀ẹ̀mẹta sì ni ó gba òdìkejì ní ààgo mọ́kànlá, nígbà tí ìwọ̀n wákàtí kan péré kù kí a fi kún un. Ó gba àlejò kan ní 3,00, ní ààgo méjìlá a kọ ọ́ sí 3,40. Ẹni tó ti rí bébà ọ̀gá kò ní ra ọjà ní 3,00 nígbà tó mọ̀ pé bí òun bá jẹ búrẹ́dì, tí òun mu kọfí, òun á gbà á ní 3,40. Ẹ̀ẹ̀mẹta! Ọkùnrin yìí kò mọ ohun tó wà nínú bébà wa. Owó ló mọ̀. Ó mọ èyí tó ń ríran yàtọ̀ sí èyí tí kò ríran.

Mo kàn gbé ìwé náà tọ ọ̀gá lọ ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀. Ó fi ìka tọ ìlà mẹ́ta náà lọ ní ẹ̀ẹ̀kan, ó tọ̀ ọ́ lọ ní ẹ̀ẹ̀kejì.

"Ó lè jẹ́ ọgbọ́n ẹ̀wẹ́," ó ní. "Kó pàdánù díẹ̀ ká má baà fura."

"Ẹni tó ń fi ogún ẹgbẹ̀rún ta tẹ́tẹ́ lẹ́yìn iṣẹ́ òru kì í pàdánù díẹ̀ fún eré, Bàbá."

Mo wá sọ fún un pé kí ó dán an wò. Lọ́la, kí ó má fi bébà rán sí ẹnikẹ́ni. Kí ó kọ ọ́ fúnra rẹ̀, kí ó fi í sínú fìlà rẹ̀, kí ó sì wá jókòó sẹ́yìn aṣọ títa. Bí ọkùnrin náà bá dé, tó ṣì mọ ohun tó wà nínú fìlà, kí ó bi fìlà léèrè.

Ó rẹ́rìn-ín díẹ̀. "Ṣùgbọ́n ẹ má sọ fún un o," ó ní, ó sì fi àgbọ̀n tọ́ka sí apá fèrèsé. "Bí ó bá gbọ́, ìdánwò ti bàjẹ́."

Mo gbà. Gẹ́gẹ́ bí olùkọ́, mo mọ̀ pé a kì í sọ ìbéèrè fún akẹ́kọ̀ọ́ kí ìdánwò tó bẹ̀rẹ̀.

Ní ọjọ́ Jímọ̀, mo bẹ ẹlẹgbẹ́ mi kí ó bá mi di kíláàsì mi mú. Ìdíje tó wà nílẹ̀ lọ́sẹ̀ yẹn ni ti ẹgbẹ́ tí gbogbo Treichville fẹ́ràn àti àlejò kan láti òkè. Ní ọjọ́ Ajé, 1,80 ni onílé, 3,20 ni ọ̀mì, 4,00 ni àlejò. Èrò ọjà ti rọ́ sórí onílé láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Ní ìrọ̀lẹ́ Ọjọ́bọ̀, onílé ti di 1,65, àlejò ti gòkè dé 4,40.

Ààgo mẹ́wàá kọjá. Arábìnrin ṣí àpótí tábìlì rẹ̀, ó tì í. Ó tún ṣí i.

"Bébà ò dé," ó ní.

"Ó lè pẹ́."

"Kì í pẹ́." Ó wo aṣọ títa. Ọ̀gá ti gba ẹ̀yìnkùlé wọlé, ìka ẹsẹ̀ rẹ̀ hàn lábẹ́ aṣọ. Mo rí i pé ó rí i. "Ó ti yé mi," ó ní jẹ́jẹ́. "Wọ́n ti gba iṣẹ́ náà lọ́wọ́ mi, wọn ò kàn tíì sọ fún mi ni."

Àwọn oníbàárà ń wọlé, wọ́n ń jáde. Alápatà kan ra ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta sórí onílé, ó ní bí onílé bá fìdí rẹmi, òun á jẹ ẹran àná. Ẹlòmíràn dá a lóhùn pé ẹran àná náà ló ń tà fún wa láti ọjọ́ yìí. Ẹ̀rín sọ. Arábìnrin gba owó wọn, ó já tíkẹ́ẹ̀tì fún wọn. Mo dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ pátákó mi pẹ̀lú ẹfun, mi ò sì ní nǹkan tí mo lè kọ. Mo ń gbàdúrà kí ọkùnrin náà wá. Lójijì ló wá sí mi lọ́kàn pé bí kò bá wá lónìí ńkọ́? Ọ̀gá á ní nítorí pé bébà kò sí ni olè kò fi wá. Ìdánwò tí mo dá sílẹ̀ láti gbà á là ni yóò wá di ẹ̀rí tí wọ́n fi dá a lẹ́bi.

Ààgo mọ́kànlá ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni ó wọlé. Aṣọ búlúù, ojú pupa. Ó wo pátákó, kò wo ojú ẹnikẹ́ni.

"Àlejò. Mẹ́rin àti ogójì. Ogún ẹgbẹ̀rún."

Arábìnrin kò na ọwọ́. Ó wo aṣọ títa. Ó mọ̀ pé bí òun bá gbà á, òun ti fọwọ́ ara òun kọ ẹ̀bi òun. Bí òun bá sì kọ̀ ọ́, wọ́n á ní òun ń bò ó mọ́lẹ̀.

"Màdáàmù, owó mi ò dára ni?"

"Ó dára," ó ní. Ó gbà á, ó kà á ní ẹ̀ẹ̀mejì, ó kọ tíkẹ́ẹ̀tì. 4,40.

Aṣọ títa ṣí. Ọ̀gá jáde, ó ṣí fìlà rẹ̀, ó mú bébà náà jáde, ó tẹ́ ẹ sórí tábìlì níwájú gbogbo wa. Onílé 1,85. Ọ̀mì 3,20. Àlejò 3,60.

Ọ̀gá wo Arábìnrin, ó wo bébà, ó wo inú fìlà bí ẹni pé nǹkan mìíràn tún wà níbẹ̀.

"Ìwọ," ó sọ fún ọkùnrin náà, "ta ló sọ fún ọ?"

"Sọ kí ni, vieux père?" ó bi í, bí àwọn ọmọ Abidjan ti ń pe àgbàlagbà.

"Pé a ó bu àlejò kù."

Ọkùnrin náà wo bébà, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í rẹ́rìn-ín bí ẹni tí oorun ń kùn. "Àṣírí lẹ pe èyí? Ó wà lára ògiri ní Adjamé. Mo jáde níbi iṣẹ́ ní ààgo mẹ́jọ, mo wọ bọ́ọ̀sì, Adjamé ni mo ti ń pààrọ̀ ọkọ̀. Láti ààgo mẹ́sàn-án ni wọ́n ti kọ àlejò sí 3,50 sára ògiri wọn, pẹ̀lú ẹfun, gbogbo ayé ń rí i. Lánàá, 4,20 ni. Èrò sì pọ̀ níwájú ibẹ̀ tí wọ́n ń ra onílé. Bí gbogbo èrò bá ń ra onílé, tí àlejò ṣì ń lọ sílẹ̀, vieux père, àwọn tí kì í pariwo ló ń ti i. Ni mo bá wọ ọkọ̀ mìíràn wá síbí."

"Síbí, kí ló dé?"

"Nítorí pé pátákó tiyín ń sùn di ọ̀sán."

Ọ̀gá mí kanlẹ̀. Ohun tó ń gbọ́ lórí tẹlifóònù, tó ń kọ sí bébà, tó ń fi pamọ́, ara ògiri gbangba ni wọ́n ń kọ ọ́ sí lódìkejì afárá. Ó ní, "Tíṣà, ẹ yí i padà."

Ẹnu mi sì dáhùn kí orí mi tó gbọ́: "Kò tíì di ààgo méjìlá, Bàbá."

Gbogbo wọn yíjú sí mi. Arábìnrin pẹ̀lú. Ó wo ẹfun pupa tí mo fi kọ MIDI sí orí pátákó, ó wá wò mí padà.

Mo ní, "Ẹ̀bi mi ni. Èmi ni mo ní kí a máa dúró di ọ̀sán. Láti ààgo mẹ́wàá tí Bàbá ti mọ̀, títí di ààgo méjìlá, iye tó ti kú la fi ń tajà. Kò sí ẹni tó tú àṣírí kan."

Mo nu 4,40, mo kọ 3,60. Lẹ́yìn náà mo nu MIDI.

Ọ̀gá yíjú sí Arábìnrin. "Màdáàmù, mo ṣì ọ́. Jọ̀ọ́, má bínú."

"Mo gbọ́, Bàbá," ó ní. "Ṣùgbọ́n kì í ṣe ibí lẹ ti kọ́kọ́ sọ ọ́. Mo fẹ́ kí ẹ tún un sọ níbi tí ẹ ti sọ ọ́."

"Ní ìjọ? Èmi?"

"Ẹ mọ ọ̀nà ibẹ̀. Ẹ lọ lọ́jọ́ Àìkú, lẹ́yìn ìsìn."

Ní ọjọ́ Sátidé, àlejò ti dé 3,20 nígbà tí fèrè dún, onílé ti padà sí 2,00. Wọ́n gbá ọ̀mì, ọ̀kan sí ọ̀kan. Ogún ẹgbẹ̀rún aláṣọ búlúù wọ àpò wa. Ọ̀gá ní, "Ẹ wá rí olójú yín, Tíṣà! Ojú rẹ̀ fọ́." Mo sọ fún un pé kò rí bẹ́ẹ̀. Ìdíje kan kò fi ẹni tó gbọ́n hàn. Ẹni tó ra ohun kan ní 4,40, tí gbogbo ọjà wá gbà níkẹyìn pé 3,20 ló tọ́ sí i, ọjà rere ló rà, bí ọjọ́ yẹn tilẹ̀ gbá a. Bí ó bá ń rà bẹ́ẹ̀ lọ, bó pẹ́ bó yá, èrè rẹ̀ á ju àdánù rẹ̀ lọ. Ọ̀gá ní kí n jẹ́ kí òun gbádùn ogún ẹgbẹ̀rún náà ná.

Ó wá sí ìjọ ní ọjọ́ Àìkú. Ó wọ agbádá, ó dúró lábẹ́ igi èso níwájú àwọn obìnrin bíi mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ó sì sọ ọ́ tán pátápátá, kò fi ọ̀kan pamọ́: pé òun fẹ̀sùn kan ẹni tí kò mọwọ́mẹsẹ̀, pé ìwà àìfarabalẹ̀ ni. Ìyá tó jẹ́ olórí bi í bóyá ohun mìíràn wà tí kò sọ. Ó ní kò sí. Ìyá náà ní kí akápò máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ, wọ́n sì kọ orin kan, wọ́n túká. Kò ju ìṣẹ́jú mẹ́wàá lọ.

Èmi àti Arábìnrin jọ rìn lọ síbi tí a ti ń wọ ọkọ̀. Mo rò pé yóò dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Mo ti ń ronú bí n ó ṣe sọ pé kò tó ọpẹ́.

Ó ní, "Tíṣà, nígbà wo lẹ mọ̀ pé kì í ṣe èmi?"

"Ọ̀sán Ọjọ́bọ̀. Nínú ìwé mi."

"Ọjọ́bọ̀." Ó rìn díẹ̀. "Ní ọjọ́ Jímọ̀, láti ààgo mẹ́wàá, mo jókòó sídìí fèrèsé yẹn. Mo ti ń ronú ẹni tí n ó gbé àwọn ọmọ mi fún. Ẹ sì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú ẹfun."

"Bí mo bá sọ fún ọ, ìdánwò á bàjẹ́."

"Bí ẹ bá wò mí lójú, tí ẹ kàn ní, 'Arábìnrin, mo mọ̀ pé kì í ṣe ìwọ,' kí ni yóò bàjẹ́?"

Mo wá èsì. Mo ti ń kọ́ ọmọ fún ọdún mẹ́tàdínlógún nígbà náà, n kì í ṣàìní èsì. Ohun tí mo rí ni pé kò sí nǹkan kan tí yóò bàjẹ́. Ọkùnrin náà ìbá ṣì wá, bébà ìbá ṣì wà nínú fìlà. Ó kàn jẹ́ pé mo fẹ́ kí ó rí bí mo ti fẹ́ kí ó rí, létòlétò.

Mo ní, "Kò sí. Mo ṣìṣe."

Ó mi orí. Ọkọ̀ rẹ̀ dé, ó wọlé, ó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé. Ó ní, "Ó dàárọ̀, Tíṣà. Ẹ tètè dé. Ẹ ò ní dúró di ọ̀sán mọ́."